Dífẹ́ńsì àpilẹ̀kọ másítà lórí ìgbẹ́ adìẹ àti àgbàdo: kí ni àwọn olùyẹ̀wò máa bi mí?

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n lọ ṣe dífẹ́ńsì másítà mi. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi ṣe ajílẹ̀ fún àgbàdo Suwan-1, ní ìwọ̀n márùn-ún: 0, 2.5, 5, 7.5 àti 10 tọ́ọ̀nù fún hẹ́kítà kan. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, pulọ́ọ̀tì 15, àsìkò òjò àkọ́kọ́ kan péré, nínú oko yunifásítì. Mo wọn gíga igi márùn-ún nínú pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo sì wọn hóró nígbà ìkórè. Ìdánwò Duncan ni mo fi ya àwọn ìwọ̀n náà sọ́tọ̀, mo sì parí rẹ̀ sí pé 7.5 ló dára jù. Olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn. Kí ni wọ́n máa bi mí lórí bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà àti lórí ibi tí agbára rẹ̀ mọ?

Gbólóhùn_Kan

Má fòyà rárá. Mo ti ṣe tèmi. Wọ́n máa bi ẹ́ pé kí ló dé tó o lo búlọ́ọ̀kù, sọ pé torí ilẹ̀ oko kì í rí bákan náà. Wọ́n máa bi ẹ́ pé kí ló dé tó jẹ́ mẹ́ta, sọ pé mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn ń lo. Rí i pé CV rẹ, ìyẹn bí àṣìṣe ṣe tóbi tó sí àròpín, kò ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ó tán.

Ìyá_Oko

Àyọ̀ká, ọmọ mi, kú ìmúrasílẹ̀. Kí o tó máa há ìdáhùn sórí, ṣí àtẹ ANOVA, ìṣirò tó ń fi iyàtọ̀ àárín àwọn ìwọ̀n wé àṣìṣe, tí o ṣe fún gíga igi. Wo òpó tí ẹ̀rọ kọ Df sí lórí, ìyẹn iye ẹ̀rí tó dá dúró, kí o sì wo nọ́ńbà tó wà níwájú Residuals. Tó bá jẹ́ 8, ọkàn mi balẹ̀. Tó bá jẹ́ 68, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí wọ́n bá pe èmi gan-an láti wá yẹ iṣẹ́ wò, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, kí n tó ka ojú ìwé àkọ́kọ́.

Pulọ́ọ̀tì 15 lo ní. Ìṣirò á yọ ẹyọ kan, á ku 14. Ìwọ̀n ajílẹ̀ márùn-ún á gba 4, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta á gba 2, 8 ló máa ṣẹ́ kù láti fi díwọ̀n àṣìṣe. Àmọ́ bí o bá da gíga igi 75 sínú ẹ̀rọ bí o ṣe kọ ọ́ láti oko, ẹ̀rọ á gbà pé ohun 75 tó dá dúró lo dán wò, 68 á sì ṣẹ́ kù. Kì í ṣe igi lo pín ìgbẹ́ adìẹ fún, pulọ́ọ̀tì lo pín in fún. Igi márùn-ún inú pulọ́ọ̀tì kan jẹ ajílẹ̀ kan náà, òjò kan náà ló rọ̀ sí wọn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n fi gbòǹgbò mú. Bí ọmọ ilé kan náà márùn-ún bá wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́.

Ewu rẹ̀ ni pé iyàtọ̀ tí kò tó nǹkan á máa jáde bí iyàtọ̀ gidi, gbogbo ohun tí o bá sì sọ lórí rẹ̀ á wó.

Ìbéèrè yìí kì í sì í wá tààrà. Olùyẹ̀wò á kàn bi ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Kí lo pín ajílẹ̀ fún?" Wàá ní pulọ́ọ̀tì. Á ní, "Mélòó ni pulọ́ọ̀tì rẹ?" Wàá ní 15. Ìgbà náà ló máa wá ní kí o ṣí àtẹ rẹ, kí o ṣàlàyé bí 68 ṣe dé ibẹ̀.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Ìyá, ẹ ṣeun. 68 ni. Mo ti lọ wò ó báyìí. Bákan náà ni fún iye ewé àti ìwọ̀n ìyíká igi, gbogbo wọn ni 68. Ti hóró nìkan ló jẹ́ 8, torí mo pa hóró pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan pọ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo máa tún ṣe?

Gbólóhùn_Kan

Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ẹ́. Bí nǹkan tá a wọ̀n bá ṣe pọ̀ tó ni ìwádìí ṣe lágbára tó. 75 dára ju 15 lọ. Ta ló máa ka Df nínú àpilẹ̀kọ?

Ìyá_Oko

Gbólóhùn, apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó jẹ́ òótọ́, mi ò sì fẹ́ kó sọ nù. Wíwọn igi márùn-ún dára ju wíwọn ẹyọ kan lọ, nítorí àròpín igi márùn-ún sún mọ́ bí pulọ́ọ̀tì náà ṣe rí gan-an. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kò sọ pulọ́ọ̀tì di púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Df tó pọ̀ ju 8 lọ, búlọ́ọ̀kù ló máa fi kún un. Pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, 12 ni ì bá kù. Ìdí nìyí tí "mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn ń lo" kò fi ní tẹ́ olùyẹ̀wò lọ́rùn.

CV ìdá 20 kì í sì í ṣe òfin. Gíga igi àgbàdo yẹ kó mú CV tó kéré gan-an jáde. Bí tìrẹ bá jẹ́ 19 lórí gíga, màá bi ọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oko. Bó bá jẹ́ iye kòkòrò lo kà, CV 40 lè máà yà mí lẹ́nu.

Àyọ̀ká, iṣẹ́ àárọ̀ kan ni àtúnṣe rẹ. Bó bá jẹ́ R lò ń lò, kọ́kọ́ wá àròpín igi márùn-ún nínú pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ṣe ANOVA lórí àròpín 15 yẹn:

```
m <- aggregate(height ~ block + rate, data = d, FUN = mean)
m$block <- factor(m$block)
fit <- aov(height ~ block + factor(rate), data = m)
summary(fit)
```

Àròpín àwọn ìwọ̀n márùn-ún kò ní yí padà rárá. Ohun tó máa yí padà ni bí ìwọ yóò ṣe dá ara rẹ lójú tó lórí wọn. Rí i pé o fi `factor` sí orí `rate` àti `block`. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, R á ka ìwọ̀n ajílẹ̀ sí nọ́ńbà lásán, Df rẹ̀ á di 1 dípò 4, ohun tí wàá fi mọ̀ nìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Èmi ṣe ti ẹ̀ka ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀, mo fi ìwé ìbéèrè wádìí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́. Ohun tí wọ́n fi há mi mọ́lẹ̀ ni bí mo ṣe yan àwọn ènìyàn. Mo ti fi fọ́múlà `n = N / (1 + N*e^2)` wá iye ènìyàn tó yẹ kí n bi, ó sì jáde dáadáa. Olùyẹ̀wò wá ní, "Níbo lo ti rí N?" Iye àgbẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ ni mo lò, àmọ́ nígbà tí mo dé abúlé, ẹni tí baálẹ̀ tọ́ka sí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní fọ́múlà yẹn dá lórí pé gbogbo àgbẹ̀ ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú ìwádìí, ti baálẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àyọ̀ká, múra sílẹ̀ lórí fọ́múlà yìí.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi kò fi ìwé ìbéèrè wádìí, oko ni mo dá. Àmọ́ ó jọ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n ń wádìí bóyá ohun tá a ṣe nínú oko bá ohun tí ìṣirò gbà mu.

Ìyá_Oko

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó sì kan búlọ́ọ̀kù rẹ náà. Olùyẹ̀wò á ní kí o ya oko rẹ sójú pátákó, kí o fi ọfà tọ́ka ibi tí ilẹ̀ dà sí. Múra sílẹ̀ fún èyí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ya pulọ́ọ̀tì 15 láì rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn láti ìhà ọ̀nà lọ sí ìhà odò, ìhà odò lọ́ràá jù, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń kó jọ sí. Búlọ́ọ̀kù kìíní yẹ kó dùbúlẹ̀ lókè, èkejì láàrín, ẹ̀kẹta nísàlẹ̀, kí pulọ́ọ̀tì márùn-ún inú búlọ́ọ̀kù kan wà lórí ilẹ̀ tó jọra. Bí búlọ́ọ̀kù rẹ bá na láti òkè dé odò, nígbà náà ìwọ̀n kan wà lókè, òmíràn wà lódò nínú búlọ́ọ̀kù kan náà, orúkọ lásán ni búlọ́ọ̀kù yẹn.

Kí ni tìrẹ?

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Tèmi dùbúlẹ̀ ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, alábòójútó mi ló dúró tì mí nígbà tá a ń ta okùn. Àlàfo mítà kan ló wà láàrín pulọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n nínú ANOVA hóró, búlọ́ọ̀kù kò fi iyàtọ̀ kankan hàn. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé mo ṣe é lásán?

Ìyá_Oko

Kì í ṣe lásán. Bí ilẹ̀ ṣe rí lójú rẹ kí o tó gbìn ló jẹ́ kí o pín búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe èsì tó jáde lẹ́yìn ìkórè. Dá olùyẹ̀wò lóhùn bẹ́ẹ̀, kí o sì fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ nínú ìṣirò. Má yọ ọ́ kí Df lè lé sí i.

Lórí àlàfo mítà kan, wọ́n lè bi ọ́ bóyá òjò gbé ìgbẹ́ adìẹ láti pulọ́ọ̀tì kan bọ́ sí òmíràn. Sọ bóyá o ro ìgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ tàbí o kàn fọ́n ọn sórí ilẹ̀.

Alájílẹ̀

Yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo máa bi ọ́ nìyí: tọ́ọ̀nù márùn-ún tí o wọ̀n, ìgbẹ́ tútù ni tàbí gbígbẹ? Ibo lo sì ti kó o? Abẹ́ àgò adìẹ ẹlẹ́yin ni, àbí inú ilé adìẹ tí wọ́n da èérún pákó sí?

Ká ní ìgbẹ́ gbígbẹ náà ní náítírójìn ìdá 2.5 nínú 100. Tọ́ọ̀nù márùn-ún gbígbẹ jẹ́ náítírójìn kílò 125 fún hẹ́kítà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé omi kó ìdá 30 nínú ohun tí o wọ̀n, tọ́ọ̀nù 3.5 ni ìgbẹ́ gidi, náítírójìn rẹ̀ á sì jẹ́ 87.5. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé àpilẹ̀kọ rẹ kò ní mọ èyí tó máa tẹ̀ lé. Bó bá sì jẹ́ ti ilé adìẹ tó ní èérún pákó, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ilẹ̀ á kọ́kọ́ máa lo náítírójìn láti fi jẹ pákó yẹn rà, ewé àgbàdo á sì máa pọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Abẹ́ àgò adìẹ ẹlẹ́yin ni mo ti kó o, a sá a lábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n yẹ náítírójìn rẹ̀ wò fún mi, ó wà nínú àpilẹ̀kọ. Omi inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ̀n ọ́n ni mi ò kọ.

Alájílẹ̀

Bó o bá ṣì ní àpò ìgbẹ́ yẹn nílẹ̀, wíwọn rẹ̀ báyìí kò wúlò mọ́, ó ti gbẹ ju bó ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ. Kọ ọ́ sí ibi tí agbára iṣẹ́ rẹ mọ, kí o sì sọ ohun tó kàn gan-an: ìwọ̀n tí o pè ní 7.5 jẹ́ ìwọ̀n ìgbẹ́ tí a sá, kì í ṣe ti ìgbẹ́ tó gbẹ pátápátá, torí náà a kò lè yí i padà sí kílò náítírójìn láìsí iyèméjì. Ìyẹn sàn ju "owó kò tó" lọ.

Táyé_Ìlú_Ọba

Ẹ kú ìjókòó. Ìlú ọba ni mo ti ṣe ti ọ̀mọ̀wé. Ènìyàn méjì péré ló máa bi ẹ́ ní ìbéèrè, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti ìta, nínú yàrá tí wọ́n tì. Alábòójútó rẹ kò ní sọ nǹkan kan. Torí náà má wulẹ̀ ṣe ìgbékalẹ̀ kankan, ka ìwé rẹ ni.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Ẹ̀gbọ́n Táyé, tiwa níbí yàtọ̀. Gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka wa ló máa jókòó, aṣojú ilé ẹ̀kọ́ gíga náà á wá, mo sì gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀rọ̀ hóró. Báyìí ni àròpín rẹ̀ rí, ní tọ́ọ̀nù fún hẹ́kítà, láti 0 dé 10: 1.6, 2.4, 3.0, 3.4, 3.5. Lẹ́tà Duncan wọn, láti 0 dé 10, ni c, b, ab, a, a.

Ìyá_Oko

Ó dára. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí o ṣe dé tọ́ọ̀nù. Mú pulọ́ọ̀tì kan, kí o ṣe é títí dé òpin.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Pulọ́ọ̀tì náà jẹ́ mítà 3 sí mítà 4, ìlà àgbàdo mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 75 láàrín ìlà, 25 láàrín igi. Ìlà méjì àárín ni mo kórè, mo sì fi ìdajì mítà sílẹ̀ ní orí àti ní ìdí. Ó jẹ́ mítà 1.5 sí 3, ìyẹn 4.5 níbùú lóròó. Nínú pulọ́ọ̀tì kan tó gba 7.5, hóró jẹ́ kílò 1.62, omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 18. Mo sọ ọ́ di ti ìdá 12.5:

```
1.62 * (100 - 18) / (100 - 12.5) = 1.5182
1.5182 / 4.5 * 10000 = 3374
```

Kílò 3374, ìyẹn tọ́ọ̀nù 3.37.

Ìyá_Oko

O ṣeun. Bí o bá gbàgbé omi, 3600 ni ì bá jáde, ìyẹn kílò 226 tó jẹ́ omi lásán. Bí pulọ́ọ̀tì kan bá yá kó gbẹ ju èkejì lọ, àṣìṣe yẹn ò ní dọ́gba láàrín wọn. Gbé ìṣirò yìí sínú síláìdì kan, kí o fi ojú ìwé tó wà hàn.

Ó wá kan Duncan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: "Ìwọ̀n 5 ní lẹ́tà a pẹ̀lú 7.5. Kí ló wá jẹ́ kí o yan 7.5?" Lẹ́tà tìrẹ sọ pé o kò rí iyàtọ̀ láàrín wọn. Ìkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Kí ló dé tí o fi Duncan sórí ohun tó ń pọ̀ sí i ní ìpele-ìpele?" Bó bá jẹ́ oríṣi àgbàdo márùn-ún lo gbìn, ká fi wọ́n wé ara wọn ní méjì-méjì bójú mu. Àmọ́ 0 sí 10 jẹ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni bí èso ṣe ń gòkè bí ajílẹ̀ ṣe ń pọ̀, àti ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ìlà tó tẹ̀ ló máa sọ ìyẹn:

```
y$block <- factor(y$block)
fit2 <- lm(yield ~ block + rate + I(rate^2), data = y)
summary(fit2)
```

Mo fi ọwọ́ ṣe é lórí àròpín rẹ. Ó sún mọ́ `1.59 + 0.375*R - 0.0183*R^2`. Ṣírò ibi tí ìlà náà ti dé òkè pátápátá: 0.375 pín sí 0.0366, ó jẹ́ 10.25.

Wo ohun tí ìyẹn ń sọ fún ọ. Òkè ìlà náà wà lẹ́yìn 10, o kò sì dán ohun tó ju 10 wò. Nítorí náà o kò tíì rí ìwọ̀n tó mú èso tó pọ̀ jù wá, o kò sì lè sọ pé o rí i. Pẹ̀lú pulọ́ọ̀tì 15, nọ́ńbà 10.25 náà lè sún síwá sẹ́yìn gan-an. Ohun tí o lè dúró lé lórí láìbẹ̀rù ni bí ìlà náà ṣe ń rọ̀: tọ́ọ̀nù 2.5 àkọ́kọ́ mú tọ́ọ̀nù hóró 0.8 wá, tọ́ọ̀nù 2.5 tó kẹ́yìn mú 0.1 péré wá. Àgbẹ̀ tó máa ru ìgbẹ́ tọ́ọ̀nù 2.5 kí ó tó rí àpò àgbàdo kan lé sí i, owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan lè jẹ èrè náà tán.

Gbólóhùn_Kan

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka wa ní kí gbogbo ènìyàn lo Duncan. Bí ó bá yọ ọ́, àwọn tilé á bínú.

Ìyá_Oko

Mi ò ní kó yọ ọ́. Kó fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ìlà kún un, kó sì gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ láti ara ìlà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n ní ọmọ másítà kò nílò ju lẹ́tà lọ. Mi ò tíì rí olùyẹ̀wò àtìta tó bínú pé ọmọ fa ìlà.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Ìyá, àṣìṣe nínú ANOVA hóró mi, `Mean Sq` ti Residuals, jẹ́ 0.12. Ṣé ìyẹn dára?

Ìyá_Oko

Jẹ́ ká lò ó. CV rẹ á jẹ́ bí ìdá 12.5, ó dára fún hóró. Ìyàtọ̀ tó kéré jù tí ìwádìí rẹ lè rí láàrín ìwọ̀n méjì:

```
2.306 * sqrt(2 * 0.12 / 3) = 0.65
```

2.306 ni nọ́ńbà `t` fún Df 8. Èyí ni ìdáhùn tó péye jù lórí ibi tí agbára iṣẹ́ rẹ mọ, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n bá ní, "Kí ni àbùkù búlọ́ọ̀kù mẹ́ta?" má sọ pé owó ni. Sọ pé: "Oko mi kò lè rí iyàtọ̀ tó kéré sí tọ́ọ̀nù 0.65. Iyàtọ̀ 0.4 tó wà láàrín 5 àti 7.5 lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò sí agbára láti fi í hàn." Nígbà náà o kò sọ pé 5 àti 7.5 dọ́gba, o sọ pé o kò lè yà wọ́n.

Bákan náà ni ti àsìkò kan. Gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́ pé "ọdún kan ni a ṣe é" kí wọ́n sì dákẹ́. Sọ ohun tó fi sílẹ̀ láìmọ̀. Ìgbẹ́ adìẹ kì í tú gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan rẹ̀ ń kù fún ohun tí a bá gbìn tẹ̀ lé e. Ìwọ kò gbin nǹkan kan sórí pulọ́ọ̀tì yẹn ní àsìkò òjò kejì, torí náà ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ rẹ ti dín iyì ìwọ̀n 10 kù. Ẹ̀wẹ̀, òjò tó dá dúró nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ lè yí gbogbo ìlà náà padà. Bó o bá ní àkọsílẹ̀ òjò oṣù kọ̀ọ̀kan, mú un dání.

Táyé_Ìlú_Ọba

Mo gba ti ìyàtọ̀ yẹn. Àmọ́ ìwé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò. Kí ló máa ṣe sí àtẹ 68? Níbí, ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á ní kó tún un ṣe lẹ́yìn ìdánwò, kò pọn dandan kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí i.

Gbólóhùn_Kan

Òun gan-an ni mo ń wí. Kó dákẹ́. Bí wọn ò bá bi í, kí ló kàn án?

Ìyá_Oko

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kó lọ bá alábòójútó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó fi àtẹ méjèèjì hàn án, kí wọ́n jọ tẹ ojú ìwé kan tó ní àtẹ tuntun, kó sì pín in ní ìbẹ̀rẹ̀. Olùyẹ̀wò tó ti fi ìlà pupa fa 68 kí ó tó wọlé á rí i pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú òun.

Alájílẹ̀

Ó kù síbi òfin ẹ̀ka wọn, Ìyá. Ibòmíràn kò gbà kí a fi bébà kan kún ohun tí a ti fi sílẹ̀. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń bójú tó ètò másítà.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tuntun lórí àròpín pulọ́ọ̀tì. Gíga igi ṣì fi iyàtọ̀ hàn, àmọ́ F rẹ̀ jẹ́ 4.6 báyìí, ohun tó yẹ kó kọjá sì jẹ́ 3.84. Iye ewé kò fi iyàtọ̀ hàn mọ́ rárá, mo sì ti kọ odidi ojú ìwé kan lórí rẹ̀, màá yọ ọ́. Alábòójútó mi ní kí n tẹ àtẹ náà, òun máa bá olùyẹ̀wò sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè kan ṣì ń dùn mí. Nínú búlọ́ọ̀kù kẹta, ọ̀yà wọlé láti inú igbó, ó gé igi nínú pulọ́ọ̀tì méjì: ti 7.5 àti ti 10. Igi 24 ló yẹ kó wà nínú ibi tí mo kórè. Nínú ti 7.5, 19 ló kù. Nínú ti 10, 15. Mi ò kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ.

Gbólóhùn_Kan

Fi ìsọdipúpọ̀ sọ ọ́ di 24. Ìwọ̀n tó wà, pín in sí 15, sọ ọ́ di ìlọ́po 24.

Ìyá_Oko

Rárá, má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí igi mẹ́sàn-án lọ, àwọn tó kù rí àyè, oòrùn àti ajílẹ̀ sí i, ọmọ wọn á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlọ́po yẹn á bù fún pulọ́ọ̀tì náà ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí olùyẹ̀wò máa fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀yà yan àwọn pulọ́ọ̀tì yẹn torí ajílẹ̀ mú wọn tutù yọ̀yọ̀, tàbí torí wọ́n sún mọ́ igbó. Wo àwòrán oko rẹ. Bí pulọ́ọ̀tì mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tí kò fọwọ́ kàn, tí ajílẹ̀ rẹ̀ sì kéré, ọ̀rọ̀ náà ṣòro, torí ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ti kó sí ìdí rẹ̀.

Àyọ̀ká_Àgbàdo

Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ló kan igbó ní búlọ́ọ̀kù yẹn. Ẹ̀kẹta ni ti 0. Kò fọwọ́ kàn án.

Alájílẹ̀

Háà. Èmi ì bá ka ti 10 sí pulọ́ọ̀tì tó sọ nù, Df á di 7.

Ìyá_Oko

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ mi ò lè fi ẹnu jẹ́ ẹ pé òun ló tọ́ jù. Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta péré kò tó láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀yà. Àyọ̀ká, fi ti 7.5 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣe ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ti 10 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan láìsí i, kí o kọ iye igi tó kù sínú àtẹ, kí o sì mú méjèèjì dání lọ. Fi ohun tó bá jáde ránṣẹ́ síbí kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, pàápàá bí òkè ìlà náà bá sún.